Ọ̀pá kọ́tíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó ra orí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Fèrèsé pálọ̀ mi fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 180 tí mo bá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo ti ra orí ọ̀pá olódòdó méjì aláwọ̀ wúrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 14. Ẹni tó fẹ́ bá mi kọ́ ọ ní kí n ra ọ̀pá tó bá fèrèsé dọ́gba àti òrùka tó ṣe géérégé pẹ̀lú ọ̀pá. Ní ọwọ́ òsì, láti etí fèrèsé dé igun ògiri jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34. Ọwọ́ ọ̀tún gbòòrò. Àwọ̀ òrùka wo ni kí n rà, ibo ni kí wọ́n sì so ọ̀já kọ́tíìnì mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó béèrè, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹ ra òrùka aláwọ̀ wúrà, kí ọ̀pá àti ọwọ́ onírin tí yóò gbé e mọ́ ògiri náà sì jẹ́ àwọ̀ wúrà kan náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín, pé kí ọ̀pá bá fèrèsé dọ́gba. Kò sí ọdún kan tí n kì í tú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ nílé oníbàárà kan tàbí òmíràn ní Ìbàdàn, owó ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ẹni náà máa ń san.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi dára. Bí a bá ṣí kọ́tíìnì, aṣọ náà kò lọ síbì kankan. Ṣe ni ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aṣọ tó nípọn tó sì ní aṣọ inú, ní ìwọ̀n fèrèsé tiyín, yóò ká jọ gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá bá jẹ́ 180 gẹ́lẹ́, orí gíláàsì ni ìdì aṣọ méjèèjì yóò dúró sí, yóò sì gba 50 nínú 180 tí ẹ ní, nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i. Bí fèrèsé yín bá sì jẹ́ èyí tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tí ìdajì rẹ̀ péré ń ṣí, aṣọ yóò dí apá kan ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ní alẹ́ ẹ̀wẹ̀, etí aṣọ kò ní bo etí fèrèsé dáadáa, ẹni tó bá dúró síta yóò máa rí yín láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, a máa ń jẹ́ kí ọ̀pá kọjá fèrèsé ní ọ̀tún àti ní òsì ní ìwọ̀n ibi tí aṣọ yóò ká jọ sí. Ti yín yóò jẹ́ 25, àti 180, àti 25, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 230.

Orí ọ̀pá kò sí nínú 230 yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í gbé aṣọ, òrùka kankan kò sì ń rìn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ẹnu ọ̀pá kí òrùka má baà yọ́ jáde, kí ó sì jẹ́ kí ojú rí ibi tí ọ̀pá parí sí. Àwọn kan ní ọjà a máa wọn ọ̀pá láti ṣóńṣó orí kan dé ṣóńṣó orí kejì, wọn a sì pè é ní 230, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá gan-an kò ju nǹkan bí 200 lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti ọrùn dé ọrùn, ìyẹn ibi tí orí ti pàdé ọ̀pá, lójú yín.

Ẹ wá wo ọwọ́ òsì. Ẹ ní 34 sí igun ògiri, ọ̀pá yóò gba 25 nínú rẹ̀, ó ku 9. Orí ọ̀pá tí ẹ rà jẹ́ 14. Kò lè wọ ibẹ̀, bí ó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí ẹni tó tà á fún yín bá lè gbà á padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí gígùn rẹ̀ kò ju 6 lọ. Èyíinì yóò fi àlàfo 3 sílẹ̀ kí ó má baà máa gbá ògiri. Bí kò bá gbà á padà, ẹ lè dín ibi tí ọ̀pá kọjá fèrèsé kù sí 18 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀pá wá jẹ́ 216. Ní òsì, 34 yọ 18 yọ 14, ó ku 2 péré, aṣọ yóò sì bo gíláàsì ní bíi 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ti òrùka bọ ọ̀pá, kí ó sì de orí òsì mọ́ ọn nílẹ̀ kí ó tó gbé e sókè, nítorí pé kò ní sí àyè láti tì í wọlé mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe fi 18 sí òsì kí ẹ fi 25 sí ọ̀tún, ẹ má sì ṣe fi orí ńlá sí ọ̀tún kí ẹ fi ìdérí pẹlẹbẹ sí òsì. Ojoojúmọ́ ni ojú yóò máa rí i.

Ẹ gbé orí olódòdó náà lọ́wọ́ kí ẹ wò bó ti wúwo tó. Bí ó bá wúwo, tí ọ̀pá sì jẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ yóò máa tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà mi kan pè mí lọ́jọ́ kan pé orí ọ̀pá òun já lu táìlì, ó sì fọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òrùka mẹ́ta ti yọ́ tẹ̀ lé e, etí kọ́tíìnì sì wà nílẹ̀. Síkúrù kékeré tó wà lára ọrùn ni wọn kò fún, torí pé wọ́n kọ ojú rẹ̀ sókè níbi tí ọwọ́ kò tó. Kí síkúrù yẹn máa kọ ojú sílẹ̀. Bí ẹ bá di orí ọ̀pá mú tí ẹ yí i, tó sì yí, kò tíì wọlé dáadáa.

Ní ti òrùka, ọ̀rọ̀ géérégé yẹn kò tọ̀nà. Bí ọ̀pá yín bá nípọn ní mìlímítà 28, kí inú òrùka fẹ̀ tó 38 tàbí 40. Òrùka tó bá fún mọ́ ọ̀pá yóò máa há, ẹ ó máa fà á, ìfàfà náà yóò sì tú síkúrù ọwọ́ onírin kúrò lára ògiri. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi òrùka kan sórí ọ̀pá, kí ẹ gbé ẹnu kan sókè díẹ̀: òrùka gbọ́dọ̀ yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá tí a ń fà gùn, tí ọ̀kan wọ inú èkejì, nítorí pé òrùka máa ń kọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Oríṣi òrùka méjì ló wà, ẹ kò sì sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń tẹ̀ mọ́ aṣọ, tí ọ̀pá ń gba inú aṣọ kọjá, kí iye rẹ̀ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan pín sí méjì géérégé, bíi 8 tàbí 10, kí etí aṣọ méjèèjì lè kọjú sí ògiri. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní ojú kékeré nísàlẹ̀ tí a ń fi ìkọ́ há, òrùka kan fún ìká aṣọ kan ni. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, òrùka tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà láàárín ọwọ́ onírin àti orí ọ̀pá. Òun ni yóò di etí aṣọ mú síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa ìyókù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ yọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ọwọ́ onírin. Ọ̀pá 230 tún nílò ọwọ́ kẹta ní àárín, níbi tí aṣọ méjèèjì ti pàdé.

N kò rí ògiri yín, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ihò. Òkè fèrèsé sábà máa ń jẹ́ kọ́ńkéré, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ yóò wà lè jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, kò sì ní di síkúrù kúkúrú mú. Bí wáyà iná bá gba ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe oníná.

Ó ku ọ̀já. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó sí àárín gbùngbùn aṣọ, ó máa ń jẹ́ kí fèrèsé dà bí èyí tí wọ́n gé sí méjì. Bí aṣọ yín bá gùn ní 240 láti ọ̀pá dé ilẹ̀, kí ìkọ́ ọ̀já wà ní nǹkan bí 80 sí ilẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, ní abẹ́ etí ìta aṣọ gan-an, kì í ṣe ní abẹ́ ṣóńṣó orí ọ̀pá. Láti mọ gígùn ọ̀já, ẹ kó aṣọ jọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, kí ẹ fi téèpù yí i ká, kí àtẹ́lẹwọ́ yín sì lè wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá fún jù yóò rún aṣọ, ìlà rírún náà yóò sì hàn ní alẹ́ tí ẹ bá tú u. Bí ẹ bá yan apá onírin dípò ọ̀já, ẹ rí i pé ó yọ jáde lára ògiri tó ọwọ́ tó gbé ọ̀pá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò fa aṣọ wọnú.

Bí ọmọdé bá wà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má lo ọ̀já olókùn tó ní ojóbó gígùn. Ọrùn ọmọ lè há sínú rẹ̀. Ẹ lo ọ̀já tí a fi aṣọ pẹlẹbẹ rán.

Ìkọ́ ọ̀já ni kí wọ́n lu ihò rẹ̀ kẹ́yìn. Aṣọ tuntun máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gbé e kọ́, ẹ fún un ní bíi ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ di ọ̀já mú pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹlòmíràn lọ jókòó lórí àga pálọ̀ kó wò ó, kí ẹ tó fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri.