11/8 àti 2.30: bí a ṣe ń ka ọ́ọ̀dì méjèèjì

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọ́ọ̀dì ránṣẹ́ sí mi, 11/8. Ẹgbẹ́ kan náà, 2.30 ni wọ́n kọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ àdúgbò wa. Èwo ló sanwó jù? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ bí ìrètí ìborí ẹgbẹ́ náà ṣe pọ̀ tó?"

Àbúrò, 11/8 ló sanwó jù. Ohun tó ń da èèyàn rú ni pé 2.30 ti ka owó tìrẹ mọ́ èrè. Bí o bá fi ₦1,000 ta tẹ́tẹ́ tó sì wọlé, ₦2,300 ni wọ́n máa kà lé ọ lọ́wọ́, ₦1,300 péré nínú rẹ̀ sì ni èrè. Ní ti 11/8, èrè nìkan ló ń sọ: ₦8 tí o bá fi sílẹ̀ máa bí ₦11, wọ́n á sì dá ₦8 rẹ padà. Torí náà, fi 8 pín 11, ó di 1.375. Fi 1 kún un, ìyẹn owó tìrẹ, ó di 2.375. ₦1,000 kan náà máa di ₦2,375. Bí o bá rí i tí fóònù kọ ọ́ ní 2.38, wọ́n kàn sún nọ́ńbà náà sókè díẹ̀ ni. Owó tí wọ́n máa san gan-an kò yí padà.

Ó wá ku ìrètí ìborí. Fún ọ́ọ̀dì elépọ́ìntì, ọ́ọ̀dì náà ni kí o fi pín 1: 1 ÷ 2.30 = 0.4348, ìyẹn 43.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún èyí tó ní ìlà láàárín, ro nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, kí o wá fi àpapọ̀ náà pín ti ìsàlẹ̀: 8 ÷ (11 + 8) = 0.4211, ìyẹn 42.11.

Ìròpọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Wọ́n á fi 11 pín 8, wọ́n á rí 72.7, wọ́n á sì gbà pé eré náà ti wọlé tán. Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe yìí pẹ́ lára ni pé kì í hàn nínú ọ́ọ̀dì ńlá. Nígbà tí wọ́n fún Leicester City ní 5000/1 ṣáájú líìgì 2015/16, yálà o pín 1 sí 5,000 tàbí 5,001, 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún ni wàá rí. Àfi tí ọ́ọ̀dì bá kéré ni ìṣirò á fọ́. Ọ̀nà láti yẹ ara rẹ wò: bí nọ́ńbà òkè bá ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èsì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 50. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ju ti òkè lọ, bíi 4/6, ó gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. 6 ÷ 10, 60 nìyẹn. 1/1 àti 2.00 ló bọ́ sí 50 géérégé.

Ṣùgbọ́n má ka 43.48 yẹn sí ohun tí ṣọ́ọ̀bù gbà gbọ́ nípa ẹgbẹ́ náà. Ká ní ọ̀mì wà ní 3.20, tí ẹgbẹ́ kejì sì wà ní 3.10. Ọ̀mì á jẹ́ 31.25, ẹgbẹ́ kejì á jẹ́ 32.26. Ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di 106.99. Ohun mẹ́ta péré ló lè ṣẹlẹ̀ nínú eré kan, kò sì yẹ kí àpapọ̀ wọn ju 100 lọ. 6.99 tó lé yẹn ni ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti ń jẹun.

Láti yọ ọ́ kúrò, fi 106.99 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ tìrẹ á sọ̀ kalẹ̀ sí 40.64, ọ̀mì sí 29.21, ẹgbẹ́ kejì sí 30.15. Kò pé pérépéré o, torí ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń di èyí tó pọ̀ jù nínú èrè wọn lé orí ẹgbẹ́ tí kò nírètí. Ó sún mọ́ òótọ́ ju 43.48 lọ ṣá.

Iṣẹ́ tí 43.48 fúnra rẹ̀ ń ṣe yàtọ̀. Ó ń sọ iye ìgbà tí irú ẹgbẹ́ yìí gbọ́dọ̀ borí nínú ọgọ́rùn-ún kí owó rẹ tó lè dọ́gba. Ní 11/8, 42.11 ni. Bí ìwọ fúnra rẹ bá gbé e yẹ̀ wò tí o rí i pé kò ju 41 lọ, ọ́ọ̀dì ti Lọ́ńdọ̀nù sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtèyí àtọ̀hún, ìkankan wọn kò tó tà.