0.12 kọ́ ló yẹ kó wọ inú e^(rt)

"Ẹ jọ̀ọ́, èlé 12% lọ́dún ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn mi, fún ọdún 10. Mo fi 0.12 sípò r, èlé, àti 10 sípò t, iye ọdún, nínú e^(rt), iye tó jáde pọ̀ ju tiwọn lọ. Kí ló fà á?"

Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí, ó sì dùn mí. Àwọn kan ní kí n bá wọn ṣírò ohun tí 1,000 yóò dà lọ́dún 10. Mo kọ `=1000*EXP(0.12*10)` sínú Excel, ó gbé 3,320.12 jáde, mo sì fi dá wọn lójú. Nígbà tí owó dé, 3,105.85 ni wọ́n kà. Ìwé àdéhùn kò ṣì í, èmi ni mo ṣì í.

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, 12% lọ́dún túmọ̀ sí pé 1,000 yóò di 1,120 bí ọdún bá yí po. Ṣùgbọ́n e^(rt) kì í dúró de òpin ọdún. Èlé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ojú owó, lójú ẹsẹ̀ lòun náà ti ń bímọ. Ẹ pín 12% sí oṣù méjìlá, kí 1% máa gorí owó lóṣooṣù: 1,126.83 lẹ máa rí. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ó di 1,127.47. Bó ti wù kẹ́ ẹ pín in tó, kò ní kọjá 1,127.50, nítorí ibẹ̀ ni e^0.12 wà. (Irú ìbéèrè yìí ni Jacob Bernoulli bi ara rẹ̀ ní 1683 nípa èlé 100%, ó rí i pé 1 kò ní tó 3 láàárín ọdún kan, bó ti wù kí wọ́n pín èlé náà tó. Iye tó ń sún mọ́ ni à ń pè ní e, 2.718.) Nítorí náà, 0.12 tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ ti di 12.75% lọ́dún.

Èlé tí kì í dáwọ́ dúró, tó sì máa sọ 1,000 di 1,120 lọ́dún kan, lẹ ń wá. `=LN(1.12)`, lọ́gárítíìmù tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ e, ló ń fúnni: 0.11333. Ẹ wá kọ ọ́ báyìí:

```
=1000*EXP(LN(1.12)*10)
```

3,105.85 ló máa jáde, bákan náà pẹ̀lú `=1000*1.12^10`. Ẹ ṣọ́ra fún `LOG`: lọ́gárítíìmù tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 nìyẹn, 0.0492 ló máa gbé wá, owó yín á sì rẹ̀ sí bí 1,636. Kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi 1 sípò 10. Bí kò bá jẹ́ 1,120 gééré, èlé tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ kì í ṣe èyí tó tọ́.

Ìdí tí mo ṣì fi ń lo LN ni pé àwọn èlé rẹ̀ ṣeé rò pọ̀. Bí ọdún kìíní bá mú 12% wá, tí èkejì mú 5%, 0.11333 àti 0.04879 jẹ́ 0.16212, e^0.16212 sì jẹ́ 1.176, ohun kan náà pẹ̀lú 1.12 lọ́nà 1.05. Oṣù mẹ́ta náà kò le: ìdá mẹ́rin 0.11333 ni.

Ẹ tún ìwé yẹn kà dáadáa o. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé oṣooṣù ni èlé 12% náà ń gorí owó, `=12*LN(1.01)` lẹ máa lò, 0.1194.