Kíkí aládùúgbò tó jẹ́ mùsùlùmí lọ́jọ́ Iléyá

“Mùsùlùmí ni ìyá onílé wa àtàwọn ọmọ wọn, ìjọ Àgùdà lèmi ń lọ. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ kí wọn dáadáa, àmọ́ mi ò fẹ́ ṣe bíi pé mo ń bá wọn ṣe ẹ̀sìn. Kí ni kí n wí?”

Ẹ má tètè lọ o. Ọdún tá a kó dé Ìbàdàn, mo gbọ́ pé Iléyá dọ̀la, ni mo bá gbé ìrẹsì lọ fún Alhája iwájú ilé wa lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fẹ̀rín gbà á, wọ́n dé e. Alẹ́ ni ọmọ wọn tó sọ fún mi pé ọjọ́ Arafa ni, ọjọ́ 9 oṣù wọn, pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lọ Mẹ́kà ló ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 10 lọdún. Láàárọ̀, wọ́n á lọ sí yídì. Bí wọ́n bá dé, ẹran pípa ló kàn, gbogbo ọwọ́ á sì dí. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ yà.

Mo tún padà lọ lọ́jọ́ ọdún. Mo kí wọn, ni àdúrà bá dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mò ń ṣe é lọ, wọ́n ń ṣe àmín, àfìgbà tí mo fi “lórúkọ Jésù” kádìí ẹ̀. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Alhája ló kó mi yọ: “Ọlọ́run á gbà á o.” Wọn ò bínú, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé mo ti fẹ́ fi ọgbọ́n gba àmín tí kì í ṣe tiwọn lẹ́nu wọn.

Ohun tí mò ń sọ báyìí ò ju èyí lọ: “Ẹ kú ọdún o, Mà. Ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo. Àṣèyíṣàmọ́dún, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.” Tọ̀túntòsì ló lè ṣe àmín sí i. Bó bá sì wù yín kẹ́ ẹ pe Ọlọ́run sí i, orúkọ tí àwọn náà ń pè é nìyẹn. “Barika de Sala” ò burú bó bá ti mọ́ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Bí kò bá mọ́ yín lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀, “ẹ kú ọdún” ti tó.

Ẹ̀fẹ̀ “ẹran wa dà?” yẹn ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹni tágbára ẹ̀ bá ká a ni wọ́n ní kó pa ẹran. Mo dá irú àpárá bẹ́ẹ̀ fún bàbá kan lókè wa lọ́dún kan, mi ò mọ̀ pé wọn ò rí àgbò rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, ọmọ wọn kanlẹ̀kùn, ó gbé ẹran inú ọ̀rá wá. Ọjà ni wọ́n ti lọ rà á.