Owó oníṣòwò kọ́ ni owó tó wà ní báǹkì

"Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà. Akáǹtáǹtì ṣe báláǹsì ṣíìtì fún mi, ó ní ohun ìní ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ₦3,000,000, owó tèmi níbẹ̀ sì jẹ́ ₦1,500,000. Nígbà tí mo wo báǹkì, ₦200,000 péré ni mo bá. Ibo ni owó mi wà?"

Owó yín wà nínú ọjà, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ yín. ₦1,500,000 yẹn kì í ṣe owó tí wọ́n kó pa mọ́ síbì kan. Iye tó kù ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo gbèsè kúrò nínú gbogbo ohun tí ṣọ́ọ̀bù ní.

Aṣọ ni èmi náà ń tà, ní Gbági n'Ìbàdàn, ìwé tèmi sì ti rí bí tiyín yìí rí. Ká ní ₦200,000 wà ní báǹkì, aṣọ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦2,100,000 ní iye tí ẹ rà á (kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á o), àwọn tó gba àwìn jẹ yín ní ₦500,000, àwọn ṣẹ́ẹ̀fù tí ẹ ń to aṣọ sí àti jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ ₦200,000. Ó pé ₦3,000,000. Ní apá kejì, ẹ jẹ ẹni tí ẹ ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦1,000,000, ẹ sì jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ₦500,000. Ìyókù ni tiyín. Apá kan ń sọ ohun tó wà nílẹ̀, apá kejì ń sọ ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn. Ẹ gba ìdì àǹkárá ₦300,000 láwìn. Ohun ìní di ₦3,300,000, gbèsè di ₦1,800,000, tiyín ò sún rárá. Ṣọ́ọ̀bù kún, ẹ ò tíì lówó sí i. Ẹ wá ta ìdì náà ní ₦380,000 lówó lọ́wọ́. Aṣọ ₦300,000 jáde, ₦380,000 wọlé, èrè ₦80,000 sì sọ tiyín di ₦1,580,000. Ẹ san ₦300,000 fún ẹni tó ni ìdì. Owó báǹkì já wálẹ̀, àmọ́ gbèsè já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tiyín ṣì jẹ́ ₦1,580,000. Ẹ wá mú ₦150,000 níbẹ̀ san owó iléèwé ọmọ. Èyí ò ní gbèsè tó máa bá a dínkù, ara tiyín ló ti jáde: ó di ₦1,430,000. Ẹ jèrè, síbẹ̀ ẹ kéré sí bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ti àwìn tó bọ́ sọ́nù. Ẹnì kan kó aṣọ ẹbí ₦200,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe ìnáwó tán, kò gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ tí mo gbà pé owó yẹn ò ní wá mọ́, mo yọ ọ́ kúrò lára ohun ìní, ₦200,000 sì kúrò lára tèmi ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tí mo ti gba aṣọ náà ò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni léèsì tó ti kúrò nígbà: bí ẹ bá rà á ní ₦50,000 tí kò lè tà ju ₦30,000 lọ mọ́, ₦30,000 ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ₦20,000 náà jáde lára tiyín.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò fura sí. Tó bá jẹ́ pé yíyọ gbèsè kúrò lára ohun ìní nìkan ni akáǹtáǹtì fi rí owó yín, ìwé náà á máa dọ́gba nígbà gbogbo, kódà bí nǹkan bá sọnù. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: owó tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ fi owó tuntun tí mo mú wá àti èrè kún un, ẹ yọ ohun tí mo mú jáde. Ọdún kan, ìdáhùn méjèèjì fi ₦100,000 yàtọ̀. A ka ọjà, a kó àwọn wébìlì jáde, a rí i pé ẹni tí mo ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọ ìdì kan tí kò gbé dé ṣọ́ọ̀bù mọ́ gbèsè mi. Wébìlì tí kò sí nílẹ̀ ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì yọ ọ́.

Torí náà, ẹ bi akáǹtáǹtì yín ní iye tí owó tiyín jẹ́ ní ìparí ọdún tó kọjá, owó tuntun tí ẹ mú wá, èrè ọdún yìí, àti iye tí ẹ mú jáde. Bí ìṣirò náà kò bá já sí ₦1,500,000, ẹ kọ́kọ́ ka aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìwé gbèsè yín wé ti ẹni tí ẹ jẹ.