Míksà tí wọ́n kọ sí ripéà

“Ẹ jọ̀ọ́, mo ra míksà búrẹ́dì tokunbọ̀, ọmọ tó ń bá mi kọ ìwé owó ti kó gbogbo owó ẹ̀ sábẹ́ ripéà. Ó ní owó ti jáde náà ni, ibi yòówù kí òun kọ ọ́ sí. Ṣóòótọ́ ni?”

Rárá o, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tó ṣe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn lọ́dún tá a ra ófùn. ₦2,500,000 la rà á, ọkọ̀ tó gbé e wá gba ₦120,000, àwọn tó so páìpù gáàsì gba ₦180,000, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2,800,000, ripéà la kó o sí. Èrè wa kí wọ́n tó yọ owó ófùn tó ₦1,500,000, àmọ́ ìwé wá ń sọ pé a pàdánù ₦1,300,000. A gbé e lọ sí báńkì láti yáwó, ọ̀gá tó ń wò ó fi bírò tẹ ìlà ìsàlẹ̀, ó ṣí ibi tí dúkìá wà, kò rí ófùn kankan, bẹ́ẹ̀ ófùn ń yan búrẹ́dì lọ́wọ́ nílé o! Wọn ò yá wa.

Ófùn yẹn á tó ọdún méje kó tó kú, torí náà ₦400,000 ló yẹ kó máa jáde nínú èrè lọ́dọọdún, òun làwọn akáńtáńtì ń pè ní dipirisiéṣọ̀n. Èrè wa ì bá jẹ́ ₦1,100,000, ófùn ì bá sì dúró ní ₦2,400,000 nínú dúkìá nígbà tọ́dún parí. Owó ọkọ̀ àti owó páìpù wà nínú ẹ̀ o, torí láìsí wọn ófùn ò lè tan.

Lọ́dún kejì ẹ̀rù ti ń bà wá, la bá ṣe òdìkejì. Ọ́ìlì àti fílítà jẹnẹrétọ̀, ọ̀dà ògiri, ₦560,000, a kó gbogbo ẹ̀ sí dúkìá bíi pé a máa lò ó fọ́dún méje, ₦80,000 péré la yọ nínú èrè lọ́dún yẹn, èrè fi ₦480,000 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Eléyìí ló dùn mí jù. A rò pé owó wà, a pín in, nígbà tí fúláwà wọ́n a ò rówó rà á, ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo kówó pamọ́ ni, ó pẹ́ ká tó tún jọ jẹun. Owó ọ́ìlì tó ti jó tán la pín lórúkọ èrè.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi báyìí ni pé, ṣé owó yìí mú nǹkan tá a máa lò ju ọdún kan lọ wá, àbí ó kàn dá èyí tó wà padà sí bó ṣe wà? Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bẹ́líǹtì míksà, ripéà ni. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ mọ́tò ẹ̀ pátápátá tó á fi lo ọdún púpọ̀ sí i, dúkìá ni, ṣùgbọ́n ẹ yọ iye tó kù lórí mọ́tò àtijọ́ kúrò nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò méjì lẹ máa ní lórí ìwé.

Tìyín yìí, kó gbé owó míksà àti owó ọkọ̀ tó gbé e wá kúrò ní ripéà, kó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí dipirisiéṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ látoṣù tẹ́ ẹ ti lè máa lò ó.