Ìsinmi oṣù 6 tó mú gbèsè ga

Ìbéèrè: Mo yá 500,000 náírà fún oko kajú mi ní Kàbà, èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n ní kí n sinmi sísan fún oṣù 6. Báwo ló ṣe di 563,081?

Ìdáhùn: Sísan lo sinmi, èlé ò sinmi. Ìdá 24 lọ́dún jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn 10,000 lóṣù kìíní. O ò san án, wọ́n dà á mọ́ ojú owó, ó di 510,000. Èlé oṣù kejì wá di 10,200. Bó ṣe ń gorí ara rẹ̀ títí dé oṣù kẹfà nìyẹn. Ká ní wọ́n kó èlé jọ sọ́tọ̀ ni, 560,000 ni ì bá jẹ́. 3,081 tó lé yẹn kéré. Èyí tó ń dunni ni pé èlé oṣooṣù rẹ ti lé ní 11,260 báyìí. Bí àdéhùn rẹ bá gbà kí o máa san èlé nìkan nígbà ìsinmi, ojú owó ò ní kúrò ní 500,000.