Ọwọ́ ta ni èyí? Dídá àwọn akọ̀wé mọ̀ nínú ìwé ìrìbọmi kan

*“Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ìjọ wa ní Kàdúná wà lọ́wọ́ mi, ó sì dà bíi pé akọ̀wé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí oníkálukú wọn kọ, kí n lè fi orúkọ wọn sí i?”*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ní ọwọ́ A, ọwọ́ B, ọwọ́ D. Orúkọ tó wà ní ìparí ìlà lè má jẹ́ ti ẹni tó kọ ìlà náà. Nínú ìwé ìrìbọmi àwa Áńgílíkà, ẹni tó ṣe ìrìbọmi ni òpó ìkẹyìn wà fún. Àlùfáà lè buwọ́ lù ú níbẹ̀, kó jẹ́ pé akọ̀wé ìjọ ló kọ gbogbo ìyókù.

Mo ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ó ní èèyàn márùn-ún ló kọ ọ́, nítorí ìkọ̀wé ibì kan tẹ́ẹ́rẹ́, ti ibòmíràn nípọn, tàdáwà sì kúrò ní dúdú ó di búlúù. Ẹ má gbára lé ìyẹn. Akọ̀wé tó bá pààrọ̀ nìíbù, ìyẹn ẹnu kálàmù, ìkọ̀wé rẹ̀ á yí padà lójú. Ẹni tó bá sì ń kánjú, lẹ́tà rẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí kì í tètè yí ni bí ọwọ́ ṣe ń rìn: ibi tí kálàmù ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ọ̀nà tó gbà, ibi tó ti gbéra.

Mo ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo gé d, g, p, 4 àti 7 jáde, mo sì tò wọ́n sábẹ́ ara wọn. Ìrù d ti A máa ń ká padà sápá òsì, lórí lẹ́tà náà. Níbi tí tàdáwà ti di búlúù, ìrù yẹn ṣì ń ká, 4 kò sì yàtọ̀: A náà ni. B àti D ló le jù, torí ìkọ̀wé iléèwé kan náà ni wọ́n jọ kọ́. Ṣùgbọ́n B máa ń pa orí 4 dé, D máa ń là á sílẹ̀. B ń fi àmì tó-ń-tó sábẹ́ ọ, D ń fa ìlà kékeré síbẹ̀. B ń kọ Oṣogbo, D ń kọ Oshogbo, àmọ́ èyí nìkan kò tó, torí akọ̀wé lè da orúkọ kọ bí òbí ṣe kọ ọ́ wá. Àmì mẹ́ta tó jọ ń rìn pọ̀ ni mo máa ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni márùn-ún ṣe di mẹ́ta.

Ìlà-ìlà ni kí ẹ máa fi àmì sí i, kì í ṣe ojú ìwé lódindi, nítorí ẹlòmíràn lè wá tún orúkọ ṣe lẹ́yìn náà lórí ìlà tí A kọ. Ní tábìlì, ẹ kọ ojú ìwé, ìlà, ọwọ́, àti ìdí. Ìlà tó bá kúrú jù, ẹ kọ “B?” síbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún déètì: tí oṣù bíi mélòó bá tò tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìyàtọ̀ kankan nínú tàdáwà àti nìíbù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjókòó kan ni wọ́n fi dà á kọ lẹ́yìn náà, déètì kò sì lè sọ akọ̀wé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

Fún orúkọ, ẹ wá ìwé tí akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀, tó sì buwọ́ lù. Ìwé ìpàdé ìjọ ló fún mi ní orúkọ A: d tó ń ká yẹn wà nínú ìwé náà, ó sì tún wà nínú ìbuwọ́lù rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ fún B àti D, nítorí náà B àti D náà ni mo ṣì ń pè wọ́n nínú tábìlì.